Ọ̀nà ló dí ni, àbí àyè ló há? Bí a ṣe ń ka ìwé àyẹ̀wò èémí

*“Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Màmá mi ti pé ọdún 61, gíga wọn kò ju 158 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń lo ínhélà àsímà, síbẹ̀ bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn, mímí a di iṣẹ́. Ikọ́ ife ṣe wọ́n lọ́dún 2009, wọ́n sì lo oògùn rẹ̀ parí. Lóṣù tó kọjá, ilé ìwòsàn ní kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kan. Ohun tí ìwé náà sọ nìyí: FVC 1.52 (59%), FEV1 1.30 (63%), FEV1/FVC 0.86, FET 6.4. Wọ́n fa ínhélà, wọ́n tún fẹ́ ẹ, FEV1 wá di 1.33. Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní 0.86 dára, kò sí nǹkan. Dókítà wọn ní kò dára. Ta ni ká gbà gbọ́?”*

Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ, ibi tí oníkálukú ń wò ni kò papọ̀. Àbúrò yín ń wo bóyá ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà jáde ṣí. Dókítà ń wo bí àyè tí atẹ́gùn ń kún ṣe tó. Ọ̀nà màmá ṣí dáadáa. Àyè wọn ló há.

Bí ẹ bá ti jókòó sí ilé àgbẹ̀dẹ rí, ẹ ó ti rí ẹwìrì. Ó ní ikùn awọ tó ń fẹ̀ tó sì ń sún kì, ó sì ní imú tí atẹ́gùn ń gbà lọ sídìí iná. Bí eérú bá dí imú rẹ̀, ikùn ṣì lè kún bámúbámú, ṣùgbọ́n bí alágbẹ̀dẹ bá tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni atẹ́gùn yóò máa yọ́ jáde. Bí ó bá jẹ́ pé awọ ló gbẹ, tó le gbagidi, imú lè mọ́ tónítóní, atẹ́gùn yóò sì jáde fìrì, àmọ́ ìwọ̀nba ni, nítorí ikùn kò lè fẹ̀ mọ́. Iná kò ní ràn dáadáa níbi méjèèjì. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò ní mọ̀ èyí tó ṣẹlẹ̀, bí ẹni tó rí ènìyàn tó ń mí hẹlẹhẹlẹ kò ṣe lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá ọ̀nà ló dí tàbí àyè ló há. Ohun tí ẹ̀rọ tí màmá fẹ́, èyí tí à ń pè ní sìpírómítà, ń ṣe ni pé ó ń ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Bí ẹ ṣe jókòó jẹ́ẹ́ tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, nǹkan bí ìdajì lítà ni ẹ ń fà sínú ní èémí kan, ìyẹn omi inú ọ̀rá kan tí wọ́n ń tà ní gàréèjì. Bí ọkùnrin kan tí ara rẹ̀ dá, tí kò ga jù tí kò sì kúrú jù, bá tún fa èémí títí àyà rẹ̀ kò fi lè gbà mọ́, yóò fi nǹkan bí lítà mẹ́ta kún un. Bí ó bá sì mí síta ju bó ṣe ń mí lójoojúmọ́ lọ, tó fún ara rẹ̀ títí, nǹkan bí lítà kan lé díẹ̀ tún wà tó lè lé jáde. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ń lọ sí lítà mẹ́rin ààbọ̀. Ti obìnrin máa ń dín díẹ̀ sí ti ọkùnrin, ti ẹni kúkúrú máa ń kéré sí ti ẹni gíga, ọjọ́ orí náà sì ń bù nínú rẹ̀. John Hutchinson, dókítà ará Lọ́ńdọ̀nù tó gbé ẹ̀rọ yìí jáde lọ́dún 1846, wọn èémí ènìyàn tó lé ní 2,000, ó sì rí i pé bí ènìyàn bá ṣe ga sí ni èémí rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí.

FVC ni gbogbo ohun tí ènìyàn lè fẹ́ jáde lẹ́yìn tó ti fa èémí kún àyà, tó sì fi agbára tú u síta. FEV1 ni ìyẹn tó jáde nínú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́. FEV1/FVC ni ìpín tí ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn kó nínú gbogbo rẹ̀. Nínú lítà 1.52 tí màmá fẹ́, 1.30 ti jáde kí a tó ṣẹ́jú. Ìdí tó fi jẹ́ 0.86 nìyẹn. Ní ọjọ́ orí wọn, ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń wà láàárín 0.7 sókè sí 0.8 lé díẹ̀. Bí ó bá rẹlẹ̀ sí 0.70, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn a ní ọ̀nà dí. Àwa kan fẹ́ràn láti fi ààlà ọjọ́ orí ẹni náà wọ̀n ọ́n, èyí tí ìwé máa ń kọ sí abẹ́ LLN, torí pé ìpín yìí máa ń wálẹ̀ bí a ṣe ń dàgbà, kò sì dára kí a sọ arúgbó di aláìsàn nítorí pé ó dàgbà.

Bí ọ̀nà bá dí, FEV1 ni yóò kọ́kọ́ já wálẹ̀. Atẹ́gùn wà nínú, ọ̀nà ni kò jẹ́ kó jáde kíá, nítorí náà ìpín náà yóò kéré: 0.60, 0.50, kódà 0.40. Bí àyè bá há, FEV1 àti FVC yóò jọ wálẹ̀ pọ̀, ìpín wọn kò sì ní yí padà. Nígbà mìíràn ó tilẹ̀ máa ń ga ju ti ẹni tí ara rẹ̀ dá lọ, torí pé ẹ̀dọ̀fóóró tó ti le ń fa ọ̀nà èémí ṣí láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, ó sì ń padà fìrì bí rọ́bà tuntun nígbà tí a bá fẹ́ ẹ. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí 0.86 kó sì sinmi. Ìpín tó ga kò sọ pé ẹ̀dọ̀fóóró yá. Ohun tó ń sọ ni pé, bí ìṣòro bá wà, kì í ṣe ọ̀nà ló wà.

Bí ìwé yín bá ní àwòrán, ẹ wò ó. Ọ̀kan wà tí ìlà rẹ̀ gòkè ṣánṣán bí ọ̀pẹ, tó sì wá sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ti ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń sọ̀ kalẹ̀ tààrà bí òrùlé. Ti ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ dí máa ń wọnú bí inú ṣíbí, ìrù rẹ̀ a sì gùn. Ti ẹni tí àyè rẹ̀ há máa ń dà bí òrùlé yẹn gan-an, ṣùgbọ́n bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ méjì tì í láti ẹ̀gbẹ́, ó dúró gogoro, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́.

Ṣùgbọ́n kí a tó gba nọ́ńbà kankan gbọ́, a gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ènìyàn fẹ́ ẹ tán. Mo ní láti dúró lórí èyí, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe tó pọ̀ jù lọ.

Obìnrin kan wà tó wá sọ́dọ̀ wa, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń fi igi dáná yan ẹja. Ìwé tó mú wá láti ibòmíràn kà pé FVC 1.55, FEV1 1.20, ìpín 0.77. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti màmá yín. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyè rẹ̀ há. Mo wo FET, ìyẹn iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi fẹ́ ẹ, mo rí 2.1. Mo wo àwòrán kejì, èyí tó ń fi bí atẹ́gùn ṣe ń jáde hàn láti ìṣẹ́jú àáyá dé ìṣẹ́jú àáyá. Ìlà náà ṣì ń gòkè lọ nígbà tó dúró lójijì, bí afárá tí wọn kò kọ́ parí. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní òun rò pé atẹ́gùn ti tán, pé òun kò gbọ́ ìró kankan mọ́.

Mo jókòó tì í. Mo fi nǹkan há imú rẹ̀, kí atẹ́gùn má baà gba ibẹ̀ lọ. Mo ní kó fi ètè di ẹnu ọ̀pá náà pinpin, kó má fi ahọ́n dí i, kó jókòó nàró. “Ẹ fà á, ẹ fà á, ẹ fà á kún, ó yá, ẹ fẹ́!” Kò gbọdọ̀ fi pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bú jáde bí ẹni fẹ́ pa àbẹ́là. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tó le: “Ó kù, ó kù, ó ṣì kù, ẹ má dúró, ẹ fún un, ó kù!” Ojú rẹ̀ pọ́n, èjìká rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó dà bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ń jáde mọ́, àmọ́ nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ ṣì ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ló lò kí ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì. Ó sinmi, ó tún fẹ́ ẹ, ó sinmi, ó tún fẹ́ ẹ. FEV1 rẹ̀ kò kúrò ní 1.20. FVC rẹ̀ di 2.05. Ẹ fi èkejì pín èkíní: 0.59.

Ènìyàn kan náà ni, ẹ̀dọ̀fóóró kan náà ni. Nígbà tó dá fífẹ́ dúró láàárín, FVC rẹ̀ kéré lọ́nà èké, ìpín rẹ̀ sì ga lọ́nà èké, ọ̀nà tó dí wá gbé aṣọ àyè híhá wọ̀. Atẹ́gùn tó há sẹ́yìn àwọn ọ̀nà tóóró wọ̀nyẹn kì í jáde ní ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó ń fẹ́ sùúrù. Lẹ́yìn tó fa ínhélà, ìpín náà kò kọjá 0.61. Èéfín igi ló ti ba ọ̀nà èémí rẹ̀ jẹ́, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fún un.

Nítorí náà, ẹ padà sí ìwé màmá. FET wọn jẹ́ 6.4, èyí tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá ìlà náà tẹ́ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó parí, torí pé títẹ́ ìlà ló ṣe pàtàkì ju kíka ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóóró rẹ̀ ti le lè tú gbogbo rẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kí ìlà sì tẹ́, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá wọ́n fẹ́ ẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tó dára, tí méjì tó ga jù níbẹ̀ kò sì fi ju 150 mílílítà jìnnà síra. Bí ẹ̀ẹ̀kan bá jẹ́ 1.52, tí òmíràn jẹ́ 1.10, tí ẹ̀kẹta jẹ́ 1.30, kò tíì sí èsì, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe.

Ẹ yẹ gíga tí wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ wò pẹ̀lú. Ẹ̀rọ kò mọ bí màmá ṣe yẹ kí wọ́n fẹ́ tó. Ọjọ́ orí, gíga, àti pé obìnrin ni wọ́n ló fi ṣírò rẹ̀, ó sì ní 2.58 ló yẹ wọ́n. 1.52 nínú 2.58 ló di 59%. Bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá ṣi gíga tẹ̀ sí 168, ìdá náà yóò wálẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan kan yí padà nínú àyà wọn. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, gígùn apá méjèèjì tó nà sí ẹ̀gbẹ́ ni a fi ń dípò gíga rẹ̀.

Ohun kan tún wà nínú ìṣirò yẹn tó kan àwa aláwọ̀ dúdú, n kò sì fẹ́ fò ó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀rọ máa ń béèrè àwọ̀ ẹni. Bí wọ́n bá tẹ “dúdú”, a dín iye tó yẹ ẹni náà kù ní nǹkan bí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún, bí ẹni pé ara wa ló wá bẹ́ẹ̀. Ìtàn rẹ̀ kò dùn. Nígbà tí òwò ẹrú ṣì gbilẹ̀ ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, dókítà kan tó ń jẹ́ Samuel Cartwright fi sìpírómítà sọ pé ẹ̀dọ̀fóóró aláwọ̀ dúdú kéré, ó sì fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbe oko ẹrú lẹ́yìn. Ní 2022, òṣùwọ̀n tuntun tí kò béèrè àwọ̀ mọ́ jáde, GLI Global lorúkọ rẹ̀, ní 2023 sì ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹ̀dọ̀fóóró ní Amẹ́ríkà ní kí a máa lo irú rẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé, ẹ ó rí orúkọ òṣùwọ̀n tí wọ́n lò. Bí a bá yí i padà, 59% màmá lè sún sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí yóò sọ 1.52 di èyí tó tó. Ìpín 0.86 kò tilẹ̀ ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mì, nítorí pé èémí màmá fúnra wọn la fi wọn ara rẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá dúró, a lè sọ pé àwòrán àyè híhá ni ìwé màmá ní. Mo ní àwòrán, n kò ní ìdájọ́. Ìdí ni pé ohun kan wà tí sìpírómítà kò lè rí láéláé. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti fẹ́ gbogbo èyí tó lè fẹ́, atẹ́gùn ṣì ń ṣẹ́kù nínú ẹ̀dọ̀fóóró, nǹkan bí lítà kan lé díẹ̀ nínú àgbàlagbà, òun ni kì í jẹ́ kí àwọn àpò atẹ́gùn kéékèèké lẹ̀ mọ́ra. Atẹ́gùn yẹn kì í jáde, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tó jáde kò sì lè kà á. FVC lè kéré nítorí pé gbogbo àyè ti kéré. Ó sì lè kéré nítorí pé atẹ́gùn tó há sínú ti pọ̀ jù, tó gba ipò èyí tó yẹ kó máa wọlé. Méjèèjì jọra lójú sìpírómítà.

A ní ọgbọ́n méjì láti fi ka èyí tó ṣẹ́kù. Ọ̀kan dà bí ẹni tó fẹ́ mọ iye omi inú ìkòkò tí kò lè dà jáde. Ó bu iyọ̀ tó mọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i, ó rò ó pọ̀, ó wá tọ́ ọ wò: bí ó bá ṣe tẹ́ tó lẹ́nu ni omi ṣe pọ̀ tó. Afẹ́fẹ́ kan tó ń jẹ́ hílíọ́mù la fi ń ṣe iyọ̀ yẹn, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á mu. Èkejì ni yàrá onígíláàsì kékeré kan tí a ń ti ènìyàn mọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí yóò gbìyànjú láti mí nígbà tí ọ̀nà ọ̀pá ti sé, tí a ó sì fi bí afẹ́fẹ́ inú yàrá ṣe fún pọ̀ ṣírò ohun tó wà nínú àyà rẹ̀. Bí àròpọ̀ gbogbo rẹ̀, TLC, bá kéré sí ààlà, ìgbà náà ni a tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé àyè há. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní ẹ̀rọ wọ̀nyí. Bí tiyín kò bá ní in, fọ́tò àyà àti etí dókítà lẹ́yìn màmá yóò ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Ikọ́ ife 2009 yẹn ni mo kọ́kọ́ ń fura sí. Oògùn a pa kòkòrò, ṣùgbọ́n àpá a ṣẹ́kù, àpá inú ẹ̀dọ̀fóóró sì máa ń fún pọ̀ bí àpá iná ṣe ń fún awọ pọ̀. Awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóóró náà lè nípọn, kó má jẹ́ kó nà mọ́. Ẹ má ṣe gbà pé òun nìkan ni o. Ikọ́ ife tún máa ń dí ọ̀nà ẹlòmíràn, kò sì ṣẹlẹ̀ sí màmá lójú ìwé yìí. Àyè sì lè há láti ìta: ẹ̀yìn tó tẹ̀, ọ̀rá tó pọ̀ níkùn, omi tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀fóóró, iṣan àyà tó rẹ̀. Àìsàn mìíràn sì wà tó ń sọ ẹ̀dọ̀fóóró di líle láìní ikọ́ ife nínú. Bí dókítà bá gbé ohun èlò lé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn wọn, tó sì gbọ́ ìró bí ìgbà tí a bá ń fi ìka ra irun mọ́ra létí, yóò ní kí wọ́n ṣe fọ́tò àyà tó jinlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ti ínhélà, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń tú iṣan tó fún ọ̀nà èémí pọ̀. Lẹ́yìn tí màmá fà á, FEV1 gbéra láti 1.30 sí 1.33, ìyẹn 30 mílílítà, omi ṣíbí ìjẹun méjì. Kí a tó sọ pé ínhélà ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ àyẹ̀wò, à ń retí púpọ̀ ju ìyẹn lọ. Nínú òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń lò, ó gbọ́dọ̀ tó 200 mílílítà, kó sì tún tó ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò yani lẹ́nu, ọ̀nà tí kò dí kò ní ohun tí a ó tú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ínhélà lọ́wọ́ wọn nítorí ọ̀rọ̀ mi. Àsímà lè fara pa mọ́ lọ́jọ́ tí kò dà á láàmú, ó sì lè wà pẹ̀lú àpá ikọ́ ife nínú àyà kan náà. Ẹ bi dókítà pé kí ni wọ́n gbé orúkọ àsímà lé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, bóyá ìró àyà nìkan ni àbí àyẹ̀wò kan wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń padà lọ, ẹ wá fọ́tò àyà ọdún 2009 jáde bó bá ṣì wà nílé, kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Àpá tó wà níbi tó ti wà láti ọdún yẹn, tí kò tóbi sí i, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti èyí tó ń gbòòrò. Ẹ ní kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò bí ikọ́, ibà alẹ́ tàbí rírù bá wà, torí pé ikọ́ ife lè padà. Kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ kékeré tó ń há ìka wo ọ́síjìn wọn nígbà tí wọ́n jókòó, kí wọ́n tún wò ó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ẹni tí àyè rẹ̀ há lè ní 96 lórí ìjókòó kó sì wálẹ̀ sí 87 lẹ́yìn ìrìn, orí àtẹ̀gùn tí ẹ sọ yẹn gan-an sì ni irú rẹ̀ ti ń hàn.